Àánú sun oorun wákàtí márùn-ún lẹ́yìn oògùn ikọ́ màmá àgbà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá oorun lásán ni?

Màmá Àánú, Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi oògùn ikọ́ olómi kan tó ní kodíìnì ránṣẹ́ sí wọn láti òkè òkun. Mo lọ sí Ọjà-Ọba, kí n tó dé, wọ́n ti fún Àánú ní ṣíbí kan torí pé ó ń wúkọ́. Ọmọ ọdún méjì ni, kílò 12 ló wọ̀n. Aago méjì ló sùn. Bí mo bá jí i, á lajú díẹ̀, á tún sùn, títí di aago méje. Ara rẹ̀ ti dá báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Kí ni mo máa wò kí n fi mọ̀ pé kì í ṣe oorun lásán? Ibo ni kí n sì gbé ìgò yìí sí? Ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì ló wà. Mi ò fẹ́ kí màámi rò pé mo ń bá wọn jà.

Bàbá Ìbejì
Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ fún un ní epo pupa kó bì í, ẹ da omi tútù sí i lórí, kẹ́ ẹ sì sáré gbé e lọ sọ́sípítù.

Apòògùn Ìgbọ̀nà
Bàbá, sọ́sípítù yẹn lẹ sọ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní epo. Ọmọ tí kodíìnì ti mú sùn kò lè gbé nǹkan mì bó ṣe yẹ, epo tàbí èébì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Omi tútù ń fi àkókò ṣòfò ni.

Màmá Àánú, bó ṣe ń mí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí èémí ni oògùn yìí máa ń dá dúró. Ẹ pè é lórúkọ, kẹ́ ẹ fi oríkèé ọwọ́ ra egungun àárín àyà rẹ̀. Ọmọ tó kàn ń sùn á sunkún tàbí kó ti ọwọ́ yín dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aago fóònù ka bí àyà rẹ̀ ṣe ń gbéra fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí kò bá pé 20 fún ọmọ ọdún méjì, tó ń dúró kó tó tún mí, tàbí tó ń hanrun bí kò ṣe máa ń ṣe, ẹ gbéra. Ọmọlójú rẹ̀ lè kéré bí orí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é. Lára aláwọ̀ dúdú, inú ètè àti èékánná lẹ ti máa rí i bó bá ń di eérú.

Irú ṣíbí wo ni màmá lò? Kí ni wọ́n kọ sára ìgò?

Ìyá Káfáyà
Mo bá ìgò irú rẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ṣé kí n sọ fún bàbá rẹ̀?

Màmá Àánú
Ṣíbí ìjẹun ni! Wọ́n kọ mílígírámù 10 nínú mílílítà 5, wọ́n tún kọ promẹ́tásíìnì.

Apòògùn Ìgbọ̀nà
Ṣíbí ìjẹun máa ń gba nǹkan bíi mílílítà 15, ìyẹn mílígírámù 30 fún ọmọ kílò 12. Ó ti pọ̀ jù. Promẹ́tásíìnì tún ń mú oorun wá, ó sì ń dá kún ti kodíìnì. Mi ò ní tàn yín, ọjọ́ ọsibítù ni Sátidé yẹn.

Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ kodíìnì di mọ́fíìnì nínú ara. Ẹ̀dọ̀ àwọn kan ń ṣe é kíákíá ju ti ẹlòmíì lọ, àbímọ́ ni, ẹ ò sì lè fojú mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 rárá. Bóyá ti Àánú jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò lè sọ.

Bó bá tún gbé e mì, ẹ má jókòó dúró de àmì. Ẹ gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ní ọsibítù Yunifásítì Ọ̀ṣun, kẹ́ ẹ mú ìgò dání, kẹ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ nínú mọ́tò. Bí kò bá mí mọ́, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí ẹ ó fi débẹ̀. Nàlọksóònù, oògùn tó ń dá iṣẹ́ kodíìnì dúró, ni wọ́n máa fún un, ó sì máa ń tètè kúrò lára ju kodíìnì lọ. Bó bá jí tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ má gbé e sá kúrò lọ́sibítù.

Ní ti ìgò, ẹ gbé e kúrò ní fíríìjì. Ẹ tì í mọ́nú àpótí alágádágodo lókè ibi tí àga kò lè dé. Ẹ má yí i sínú ìgò sóbò, ẹ má sì fi ìgò rẹ̀ tó bá tán rọ àgbo. Ẹ fi báírò sàmì sí ibi tí oògùn dúró, kẹ́ ẹ lè tètè mọ̀ bó bá dínkù.

Ìyá Káfáyà, ẹ sọ fún un. Bẹ́ ẹ bá bá ọmọ náà tó ń hanrun tí kò jí, ẹ má ní kí ó sun ún tán.

Bàbá Ìbejì
Ẹ ṣeun. Epo ni wọ́n fún wa nígbà èwe wa. Ṣé wọn ò ti fi òfin de oògùn yìí ni?

Apòògùn Ìgbọ̀nà
Láti oṣù Karùn-ún 2018, ìjọba ti ní kí wọ́n má ṣe é níbí, kí wọ́n má sì kó o wọlé. Inú báàgì arìnrìn-àjò ló ń gbà wá, láìsí ẹni tó máa sọ iye tó yẹ.

Màmá Àánú
Mo ti ra àpótí. Màámi gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní òru ni ikọ́ ń dà wọ́n láàmú, àwọn ò lè máa wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ọrùn, ọrùn wọn ni Àánú ti ń ṣeré.

Apòògùn Ìgbọ̀nà
Ṣé wọ́n ń lo oògùn oorun kankan mọ́ ọn? Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú báyìí. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn wá fún mi lọ́la kí wọ́n tó tún mu ún.