Àgbọn 10, àdí ò kún ṣíbí mẹ́ta

Ìyá Tòmíwá (Adó): Ẹ gbà mí o. Mo ra àgbọn 15 lọ́jà. Bí mo ṣe ń ná an, ńṣe ni ọlọ́jà ń yínmú sí mi. Mo lọ mẹ́wàá nínú rẹ̀, mo fi aṣọ fún un, mo gbé oje rẹ̀ kaná títí ilẹ̀ fi ṣú. Àdí tó jáde ò kún ṣíbí mẹ́ta! Bílẹ́ńdà náà tún ń rùn bí ohun tó fẹ́ jóná, bàbá Tòmíwá sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé bílẹ́ńdà ló fà á?

Ìyá Ìbejì: Omi ti pọ̀ jù ni. Ife méjì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó fún àgbọn kan.

Àǹtí Bùsọ́lá: Ṣé ti irun ni àbí ti dòdò? Èmi ò lè fi dín dòdò, òórùn rẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi (Ìkẹ́rẹ́): Omi púpọ̀ kàn máa ń jẹ́ kó pẹ́ lórí iná ni, kì í gbé àdí lọ. Ìyá Tòmíwá, ṣé ẹ mi àgbọn náà létí kí ẹ tó rà á? Báwo ni inú rẹ̀ ṣe rí?

Ìyá Tòmíwá: Ọwọ́ mi mọ́ o, omi tí mo fi lọ̀ ọ́ ò pọ̀. Mi ò mi nǹkan kan. Èèpo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àwọ̀ ewé, omi rẹ̀ sì dùn bí ṣúgà. Ṣíbí ni mo fi ha inú rẹ̀. Ọlọ́jà ní tuntun ló dáa jù.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi: Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà! Àgbọn tí wọ́n ń mu omi rẹ̀ lẹ rà. Àgbọn tí ṣíbí lè ha kò tíì gbó, òróró kò tíì wọnú rẹ̀. Èyí tó gbó, igbá rẹ̀ á ti dú, ọ̀bẹ lẹ ó fi yọ inú rẹ̀, á nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, á sì le. Ẹ mì í létí: omi rẹ̀ á máa dún, nítorí ó ti fà díẹ̀. Èyí tí kò gbó kún dẹ́múdẹ́mú, kì í dún. Ṣùgbọ́n èyí tó ti sán, tí omi ti jò tán, òun náà kì í dún, ìyẹn á fúyẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wo ojú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú: bí ibẹ̀ bá rin tàbí tó bu, ẹ fi sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Èyí tó ti hù ńkọ́? Ó ṣáà gbó.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi: Ó gbó, àmọ́ ohun rìbìtì funfun tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ òróró náà lọ.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n ń fi ṣe àdí ládùúgbò wa o, ó sì ń jáde.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi: Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ó lè jáde, kò kàn ní pọ̀ ni. Ìyá Tòmíwá, lọ́jọ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kí oje náà sùn mọ́jú. Ọ̀rá á léfòó, omi á wà nísàlẹ̀. Ọ̀rá yẹn nìkan ni kí ẹ bù síná kékeré, kí ẹ máa rò ó. Nígbà tó bá dákẹ́ híhó, omi ti tán nìyẹn. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ sọ̀ ọ́. Bó bá dú, àdí á rùn.

Ìyá Tòmíwá: Márùn-ún ṣì kù tí mi ò tíì là. Ṣé bí mo bá tọ́jú wọn, wọ́n á gbó?

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi: Rárá o. Wọ́n ti já a lórí igi. Ẹ mu omi rẹ̀.

Àǹtí Bùsọ́lá: Ta ló máa dáhùn ti dòdò mi?