Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni kí n ṣe kìlọ̀ láìdá oníjìbìtì lóhùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹnì kan jí orúkọ àti àwòrán ẹni tí a jọ ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wá ń sọ fáwọn èèyàn pé wọ́n ti jẹ ẹ̀bùn fóònù, kí wọ́n wá bá òun lórí Telegram. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi kún orúkọ náà, ojú lásán ò tètè rí i. Ẹni tó bá lọ, oníjìbìtì náà á ní kó san owó ìfiránṣẹ́ díẹ̀, tàbí kó fi nọ́ńbà ìdánilójú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ ránṣẹ́. Nọ́ńbà yẹn gan-an ló fi ń gba àkáǹtì mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mi ò fẹ́ bá a fa ọ̀rọ̀, torí ìdáhùn lè gbé irọ́ rẹ̀ sókè fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti rí. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí, láìdárúkọ rẹ̀, láìda líǹkì rẹ̀ kọ:

"Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni ẹ̀bùn fóònù tí wọ́n ní ẹ jẹ. Ẹ má tẹ líǹkì, ẹ má sanwó, ẹ má fi nọ́ńbà ìdánilójú tó wọlé sórí fóònù yín han ẹnikẹ́ni. Ẹ fẹjọ́ oníjìbìtì náà sùn, kí ẹ sì kọjá."

Ṣé ó ti gùn jù? Bí wọ́n bá sì pa irọ́ náà rẹ́, ṣé kí n fi ìkìlọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹni tó ti kọ̀wé sí oníjìbìtì náà ní ìkọ̀kọ̀, àbí kí n yọ ọ́?