Kí n gbé owó ìfẹ̀yìntì mi báyìí, àbí kí n dúró?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ n'Íbàdàn, mo ti rí òmíràn l'Ékòó. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ní kí n gbé owó ìfẹ̀yìntì mi wá sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì tí gbogbo wọn ń lò. Mo mọ̀ pé kò pọn dandan: nọ́ńbà PEN mi ò ní yí padà, èmi ni mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn. Àmọ́ mo fi èrè Fund II wọn wé ti àwọn tèmi, tiwọn sàn jù.

Ohun tó dá mi dúró rèé. Nínú àkọsílẹ̀ àkáǹtì mi, owó oṣù méjì tó gbẹ̀yìn ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi iṣẹ́ mi àtijọ́ yọ ọ́ lówó oṣù mi. Ìwé owó oṣù wà lọ́wọ́ mi. Lórí ₦120,000, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún tèmi àti ìdá 10 tiwọn, ₦21,600 ló yẹ kó máa wọlé lóṣù. Mo kọ̀wé sí wọn, "à ń ṣe é lọ́wọ́" ni wọ́n ń sọ. (Ẹ̀yin náà mọ orin yẹn.) Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni òfin sì gbà ká ṣí lọ sí iléeṣẹ́ ìfẹ̀yìntì mìíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé kí n dúró kí wọ́n san gbèsè yẹn kí n tó ṣí, àbí owó náà yóò tẹ̀lé mi lọ? Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ẹ ṣeun o, mo dúpẹ́ sílẹ̀.