Kí la fẹ́ máa pe prífílẹ́ẹ̀jì tí wọ́n bá ń rẹ́kọ́ọ̀dù ìpàdé pẹ̀lú lọ́yà?

Olùtúmọ̀: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, mò ń túmọ̀ ìlànà bí ilé iṣẹ́ kan ṣe ń rẹ́kọ́ọ̀dù ìpàdé, mo wá dé ibi tó ti ní tí lọ́yà ìta bá wà ńbẹ̀ kí wọ́n dáàbò bo prífílẹ́ẹ̀jì. Mo kọ "àǹfààní", kò dùn létí mi rárá. Kí lẹ máa pè é?

Akọ̀wé Ìpàdé: "Àṣírí" ti tó, kí la tún ń wá? Lọ́yà bá ti jókòó síbẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ ti di àṣírí nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bi yín.

Àǹtí Lọ́yà: Àbúrò mi, ibẹ̀ yẹn gan-an ló ti ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Iye tẹ́ ẹ fẹ́ tajà yín, àṣírí ni, síbẹ̀ tí kọ́ọ̀tù bá ní kẹ́ ẹ mú un wá, ẹ máa mú un wá. Èyí tí Olùtúmọ̀ ń bi wá, ẹ̀tọ́ ni, pé kéèyàn lè sọ fún kọ́ọ̀tù pé mi ò ní mú un wá torí ìmọ̀ràn òfin ni mo lọ gbà lọ́wọ́ lọ́yà mi. Oníbàárà ló ni ín, lọ́yà kàn ń bá a ṣọ́ ọ ni.

Ẹ wo ìpàdé wákàtí kan. Fún ogójì ìṣẹ́jú, lọ́yà ń sọ ibi tí àdéhùn yín pẹ̀lú ẹni tó ń kó ọjà fún yín ti lè já. Ó parí, ó kí yín pé ó dàbọ̀, ó jáde, ẹ̀yin tó kù wá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí owó ọjà, ẹ̀rọ ṣì ń gba ohùn lọ, kò sẹ́ni tó rántí. Ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn yẹn, ọ̀rọ̀ ajé lásán ni, ẹ̀tọ́ yìí ò bò ó. Tí ẹ̀rọ bá tún tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ náà jáde tó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n pè, tó fi dórí kọ́ńsọ́tántì tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ àmọ́ tí ò wá, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣẹjọ́ máa ní ẹ ti fi hàn fún ará ìta, ẹ̀yin fúnra yín lẹ jọ̀wọ́ ẹ̀. Ẹ lè jiyàn ẹ̀ o, àmọ́ ẹ ti ń jìjàkadì lórí ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Akọ̀wé Ìpàdé: Ẹ ṣé, Àǹtí. Ṣé ká kàn pa á rẹ́ lẹ́yìn ìpàdé nìyẹn?

Àǹtí Lọ́yà: Tẹ́ ẹ bá ti ń fojú sọ́nà fún ẹjọ́, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ láìbi lọ́yà, wọ́n lè ní ẹ ń ba ẹ̀rí jẹ́. Kẹ́ ẹ má tilẹ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù ló dáa jù. Ẹ pa ẹ̀rọ kí lọ́yà tó lanu, ẹ wò ó bóyá èyí tó ń tan fúnra ẹ̀ wà ńbẹ̀, kí lọ́yà fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ohun tó bá yẹ, kẹ́ ẹ wá pe ìpàdé mìíràn fún ọ̀rọ̀ owó.

Ọmọ Onílẹ̀: Ẹ̀rù bà mí báyìí. Lọ́yà tó ń bá mi ṣẹjọ́ ilẹ̀, mo rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ kí n má baà gbàgbé, mo sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí Wásáàpù. Ṣé mo ti tú u nìyẹn?

Àǹtí Lọ́yà: Ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe oníbàárà níbẹ̀, ó lè dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ sọ fún lọ́yà yín lónìí, kẹ́ ẹ má sì fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni mọ́. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lórí ilẹ̀ náà, ẹ ò lè torí pé ẹ sọ ọ́ fún lọ́yà kẹ́ ẹ ní wọn ò gbọ́dọ̀ bi yín. Ohun tẹ́ ẹ bá ara yín sọ ló ní ààbò.

Bàbá Èdè: Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò, "tú" àti "jọ̀wọ́", ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo ní ká pè é ní "ẹ̀tọ́ àìtú". Ẹnì kan dá "ìbòmọ́lẹ̀" lábàá fún mi, mo kọ̀ ọ́, torí adájọ́ tó bá gbọ́ ọ á rò pé ìwà ọ̀daràn lẹ ń bò. Jíjọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ àìtú, ìyẹn ni tí èèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ sọ ọ́ nù.

Olùtúmọ̀: Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti kọ ọ́ báyìí: "Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń gba ohùn kí ìmọ̀ràn òfin tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀tọ́ àìtú oníbàárà má baà bọ́."

Akọ̀wé Ìpàdé: Èmi ò tíì gbà o. Ẹni tí ò mọ̀ máa bi mí pé kí ni wọn ò tú, àpò àbí okùn? Ẹ fi "àṣírí" sí i, "ẹ̀tọ́ àìtúàṣírí".

Àǹtí Lọ́yà: Ẹ má dá àṣírí padà síbẹ̀ o, a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ kúrò ni.