Àwọn tí kò fẹ́ kúnú, tí wọn kò sì fẹ́ sóbò: kí ni ká pè wọ́n?

Olùkọ́ Kúbúwà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Gbogbo Sátidé ni mo ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò níbí ní Kúbúwà. Àwòrán òbíríkítí méjì tí apá kan ọ̀kan wọ inú èkejì ni mo pè ní "òbíríkítí ìwọra". Àwọn tó wà níta òbíríkítí méjèèjì ni mo pè ní "àìfẹ́-méjèèjì". Mo wá fún wọn ní ìbéèrè yìí: a bi ènìyàn 60 léèrè lọ́jà, 34 fẹ́ kúnú, 29 fẹ́ sóbò, 11 fẹ́ méjèèjì, ènìyàn mélòó ni kò fẹ́ méjèèjì? Ìdajì kíláàsì kọ 8, ìdajì kọ 49. Ṣé orúkọ tí mo lò ló fà á?

Ọmọ Ìlọrin:

Ọ̀gá olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa "ìwọra" rẹ́ kúrò lójú bọ́ọ̀dù kí Sátidé tó ń bọ̀ tó dé. Nílé wa, ọmọ tó bá na ọwọ́ sí ẹran kí àwọn àgbà tó mú tiwọn, ìyá ìyá mi a gbá a lọ́wọ́, a ní "oníwọra ni ọ́". Ọ̀rọ̀ yẹn ti nílé tó ń gbé tipẹ́. "Awọnúra" ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń wá. A- ló yẹ níbẹ̀, nítorí ohun tó ń wọ inú ara wọn là ń sọ lórúkọ, kì í ṣe wíwọ̀ tí wọ́n ń wọ̀. Ẹ tún ti gbé "inú" sọnù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà dání. Ní ti àwọn tó kọ 49, wọn kò gbọ́ ìyọkúrò ni.

Ìyá Kàdúná:

Ẹ má bínú o, èmi kì í ṣe onímọ̀ èdè, oúnjẹ òde ni mò ń sè. Ṣùgbọ́n òǹkà yẹn kò bára mu lójú tèmi. 34 àti 29 àti 11, 74 ni. Ènìyàn 60 ni olùkọ́ ní wọ́n bi. Níbo ni 14 ti yọ wá? Irú rẹ̀ ṣe mí níbi ìsọmọlórúkọ kan. Mo ní kí àwọn àlejò nawọ́ fún kúnú, mo kà á; kí wọ́n nawọ́ fún sóbò, mo kà á; kí àwọn tó ń mu méjèèjì náà nawọ́, mo tún kà wọ́n. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sì po ohun mímu dé ìwọ̀n yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, kúnú ti kan nínú kúlà méjì. Mo ṣì gbà pé iye tí wọ́n fún àwọn ọmọ náà ni kò dáa.

Àgbà Lọ́kọ́jà:

Ìyá Kàdúná, iye náà dáa. Ẹni tó ń mu méjèèjì nawọ́ fún kúnú, ó nawọ́ fún sóbò, ó tún nawọ́ nígbà tí ẹ pe àwọn tó ń mu méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ka ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn 11 yẹn wà nínú 34, wọ́n sì wà nínú 29. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ibi tí òbíríkítí méjèèjì ti pàdé ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye. Ẹ kọ 11 sáàárín. Ohun tó kù nínú òbíríkítí kúnú jẹ́ 34 dín 11, ìyẹn 23. Ohun tó kù nínú ti sóbò jẹ́ 29 dín 11, ìyẹn 18. 23, 11 àti 18 papọ̀ jẹ́ 52. Ẹni 8 ló kù nínú àpótí tó yí òbíríkítí méjèèjì ká. Ọmọ tó bá kọ 34 sí apá kúnú, tó kọ 29 sí apá sóbò, tó tún kọ 11 sáàárín, yóò rí i pé ìta ti di òdì 14. A kì í ní ènìyàn òdì. Ibẹ̀ ni ó ti yẹ kó mọ̀ pé òun ti ka àwọn kan lákàtúnkà.

Àwọn ọmọ tó kọ 49 kò ṣi ìyọkúrò, Ọmọ Ìlọrin. 60 dín 11 ni wọ́n ṣe, ó sì pé. Ìbéèrè ni wọ́n gbọ́ lọ́nà míràn. "Kò fẹ́ méjèèjì", wọ́n gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ pé "kì í ṣe méjèèjì ló fẹ́". Nínú 49 yẹn, àwọn 23 tó fẹ́ kúnú nìkan wà níbẹ̀, àwọn 18 tó fẹ́ sóbò nìkan wà níbẹ̀, àwọn 8 tó wà níta sì wà níbẹ̀. "Àìfẹ́-méjèèjì" sì tún dá kún un. Àì- yẹn ń sé "fẹ́ méjèèjì" pa lódindi, kò sí ohun tó sọ fún ọmọ pé kó sé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pa.

Ọmọ Ìlọrin:

Àgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, n kò gbà. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀ kì í ṣi "kò fẹ́ méjèèjì" gbọ́. Bí wọ́n bá gbé àmàlà àti túwó síwájú ọkọ mi, tó ní òun kò fẹ́ méjèèjì, ta ni yóò gbé ọ̀kan padà wá fún un? Àwọn ọmọ Àbújá wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ronú, àrùn wọn nìyẹn.

Àgbà Lọ́kọ́jà:

Bí àmàlà àti túwó bá wà lórí tábìlì, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ wá wo ẹlòmíràn tí wọ́n bu ẹran méjì sí abọ́ rẹ̀, tó ní "Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ méjèèjì, ọ̀kan ti tó." Ṣé kì í ṣe Yorùbá lòun náà sọ ni? Gbólóhùn kan náà ni, ohun tó wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ ló yàtọ̀. Nínú ìṣirò kò sí abọ́ tàbí tábìlì tí ọmọ lè wò. Gbólóhùn nìkan ló ní.

"Ni" ló máa bá wa yanjú rẹ̀. Ẹ gbé "méjèèjì" wá síwájú: "Ènìyàn mélòó ló jẹ́ pé méjèèjì ni kò fẹ́?" Ẹni tí ọ̀kan ti tó kò lè sọ báyìí. "Méjèèjì ni n kò fẹ́", ìyẹn ti lé kúnú, ó ti lé sóbò. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbé e síwájú, ẹ sọ pé "kò fẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì". Bí ẹ bá wá ń wá 49, "kì í ṣe méjèèjì ló fẹ́" ni kí ẹ lò. Èdè wa kò fi ọ̀nà dù wá. Àwa la yan èyí tó ṣókùnkùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Jọ́ọ̀sì:

Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí a kò kàn pè é ní àwòrán Fẹ́ẹ̀nì? John Venn ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1880, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Ọmọ tó ń lọ ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá yóò bá a pàdé níbẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin:

Orúkọ ẹni tó ya àwòrán kò sọ fún ọmọ ohun tó wà nínú àwòrán. "Awọnúra" sọ ọ́.

Àgbà Lọ́kọ́jà:

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ifẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí dé ìwé mẹ́fà, wọn kò dúró de ìdánwò kankan kí wọ́n tó wá ọ̀rọ̀. N kò ní kí ẹ má dá Fẹ́ẹ̀nì mọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó wọlé lẹ́yìn tí ọmọ ti mọ ohun tó ń wò.

Olùkọ́ Kúbúwà:

Mo dúpẹ́. Mo ti pa "ìwọra" rẹ́, mo sì ti yí ìbéèrè padà sí "méjèèjì ni kò fẹ́". Nǹkan míràn wá ṣẹlẹ̀ lánàá. Mo fẹ́ kí àwọn àgbà inú wọn kọ ìdọ́gba, mo bá yọ 11 kúrò. Mo pe àwọn tó fẹ́ méjèèjì ní `x`, mo pe àwọn tó wà níta ní `y`. Mo wá fi kún un pé àwọn tó fẹ́ kúnú nìkan fi 5 ju àwọn tó fẹ́ sóbò nìkan lọ. Ìdọ́gba méjì, ohun àìmọ̀ méjì, mo rò pé ó ti tó. Kò sẹ́ni tó rí ìdáhùn. Èmi náà jókòó tì í títí di òru, n kò rí i.

Àgbà Lọ́kọ́jà:

Ẹ kò lè rí i, nítorí 5 yẹn kò sọ ohun tuntun kankan. 34 ti fi 5 ju 29 lọ kí ẹ tó sọ ọ́. Iye kan náà lẹ ó yọ lára méjèèjì, nítorí náà iyekíye tí `x` bá jẹ́, 5 ni yóò máa jẹ́. Ẹ gbìyànjú 10: 24 àti 19. Ẹ gbìyànjú 20: 14 àti 9. Ìdọ́gba kan ṣoṣo lẹ ní lọ́wọ́:

```
34 + 29 - x + y = 60
y = x - 3
```

Ohun tó lè sọ kò ju ibi tí ọ̀rọ̀ mọ lọ. Níwọ̀n bí `y` kò ti lè di òdì, `x` kò lè kéré ju 3 lọ. Níwọ̀n bí àwọn tó fẹ́ sóbò kò ti ju 29 lọ, `x` kò lè ju 29 lọ. Àwọn tó wà níta lè jẹ́ 0, wọ́n lè jẹ́ 26, wọ́n sì lè jẹ́ iyekíye tó wà láàárín. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yanjú, ẹ sọ fún wọn pé àwọn tó fẹ́ ẹyọ kan péré, ìbáà ṣe kúnú, ìbáà ṣe sóbò, jẹ́ 41:

```
(34 - x) + (29 - x) = 41
x = 11, y = 8
```

Kí ẹ tó fún ọmọ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ fi iye méjì tó yàtọ̀ dán ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kún un wò. Bí ó bá bá méjèèjì mu, kò wúlò.

Ní ti orúkọ àwọn 8 yẹn, "ará ẹ̀yìn odi" ni mo máa pè wọ́n. Òbíríkítí ni odi, wọ́n sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin:

Rárá o, Àgbà. Ní ìlú wa, ará ẹ̀yìn odi ni ọmọ ìlú tó ń gbé níbòmíràn. Èmi àti ẹ̀yin, ará ẹ̀yìn odi ni wá. Ẹ kò lè fi wé ẹni tí kò fẹ́ nǹkan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Jọ́ọ̀sì:

Ṣùgbọ́n ìdí tó fi bá a mu gan-an nìyẹn! Ọmọ ìlú ṣì ni ará ẹ̀yìn odi, wọn kì í yọ ọ́ kúrò nínú ìdílé. Àwọn 8 náà ṣì wà lára 60. Bí a bá gbàgbé wọn, òǹkà kò ní pé.

Ìyá Kàdúná:

Tí mo bá fẹ́ sè lọ́la fún 60 yìí, ṣé kúnú ife 34 àti sóbò ife 29 ni mo máa pò, àbí 52?

Olùkọ́ Kúbúwà:

34 àti 29 ni, Ìyá, bí àwọn 11 bá máa mu ife kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ wá omi sílẹ̀ fún àwọn 8. Ọmọ Ìlọrin, kí wá ni kí n kọ sójú bọ́ọ̀dù fún wọn?

Ọmọ Ìlọrin:

"Aláìfọ̀kan". Àì- náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló dì mú.

Àgbà Lọ́kọ́jà:

"Aláìfọ̀kan" lè jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ ọ̀kan, tó jẹ́ pé méjì ló ń fẹ́. Ẹ tún un gbé yẹ̀ wò.