Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ kálísíọ́mù inú iṣan yìí yé mi dáadáa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka fisiọ́lọ́jì kọjá. Ìdánwò wa ku ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí mo kó jọ nìyí. Tí a bá yọ Ca²⁺ kúrò nínú omi tí iṣan wà, iṣan ara egungun ṣì máa sún kì fúngbà díẹ̀, torí pé purotéènì tó ń mọ iná lára awọ sẹ́ẹ̀lì fara kan ilẹ̀kùn àpò kálísíọ́mù inú, òun fúnra rẹ̀ ló ń fà á ṣí. Ti ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀: kálísíọ́mù díẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ìta wọlé kó tó ṣí ilẹ̀kùn náà, nítorí náà ọkàn á dúró. Títí débẹ̀, ó yé mi.

Iṣan ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ ló dà mí rú. Kò ní trópónínì. Kalimódúlínì ni kálísíọ́mù ń dì mọ́, tí ẹ́ńsáìmù kan á wá lẹ fọ́sífétì mọ́ máyósínì. Nọradirẹnalínì lè mú un sún kì láìsí Ca²⁺ níta, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi dẹ̀. Ṣé àpò inú tó tán ló fà á? Ṣé ìyàtọ̀ yìí náà ló sì jẹ́ kí nifedipínì máa dẹ òpó ẹ̀jẹ̀, tí apá aláìsàn kì í sì í rọ?