Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Àbẹ̀kẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, àbúrò rẹ̀ ti bóra

Akọ̀tàn Tákìé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìtàn kúkúrú kan ni mò ń kọ, mo sì fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n má baà kọ irọ́.

Àbẹ̀kẹ́ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà. Adúmáadán ni. Ìyá àgbà rẹ̀ a máa kì í pé ó dúdú bíi kóró iṣin. Ó padà wálé ní ìparí oṣù kọkànlá 2024 fún ìgbéyàwó Àdùkẹ́ àbúrò rẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jà Aràdà, obìnrin kan tó ń ta ìpara wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé ìlú òyìnbó lẹ ti ń bọ̀ tí ẹ dúdú báyìí? Ẹ jẹ́ n po nǹkan fún yín." Nígbà tó délé, ó bá Àdùkẹ́ tó ti pupa fòò.

Kí ni obìnrin yẹn ń pò? Kí ni Àbẹ̀kẹ́ máa rí lára àbúrò rẹ̀ tó máa fi mọ̀ pé bíbó ni? Mo ti kọ ọ́ pé àmì kan tó ṣú bí aró wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Àdùkẹ́, oṣù kẹfà ọdún yẹn ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í para. Ní ìparí ìtàn, Àdùkẹ́ sunkún, ó da ìpara nù, nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó fi máa kò, awọ rẹ̀ ti padà dúdú, ó ń dán. Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?

Ìyá Alágbo:

Ìparí yẹn dùn mọ́ mi, má yí i padà. Láyé àtijọ́, a kò ka pupa sí ẹwà rárá, dúdú nìkan la mọ̀. Ohun tí n bá fi kún un ni pé kí Àbẹ̀kẹ́ po ọṣẹ dúdú mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, kó fi wẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Gbogbo ìpara yẹn á ṣí kúrò. Kò sí kẹ́míkà òyìnbó níbẹ̀, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá.

Apòògùn Apákẹ:

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kọ ti ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn. Bí omi ọsàn bá wà lára tí oòrùn wá pa á, awọ máa ń jó bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé, yóò lé roro, ojú ibẹ̀ yóò sì ṣú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Lára awọ tí ìpara ti sọ di fẹ́lẹ́, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpara náà kì í sì í ṣe ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara tí èèyàn á fọ̀ kúrò. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú awọ ná.

Akọ̀tàn, bí wọ́n ṣe máa ń pò ó nìyí. Obìnrin náà á ṣí ìpara funfun olómi kan tó ti rà ní ìgò ńlá, á dà á sínú abọ́ rọ́bà. Á wá máa fún tùúbù wẹ́wẹ́ sí i, á ká ìdí tùúbù náà wá sókè kí ó má baà ṣẹ́ kù. Inú tùúbù yẹn ni iṣẹ́ wà. Nínú òmíràn, kilobẹ́tásọ́ọ̀lù ni, oògùn tí dókítà ń fún ẹni tí àrùn awọ líle ń dà láàmú, fún ìwọ̀nba ọjọ́, ní ojú ibi kékeré. Nínú òmíràn, haidirokuinóònù ni, èyí tó ń dá awọ dúró láti má ṣe àwọ̀ dúdú rẹ̀ mọ́. NAFDAC kò fàyè gba kí ó ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìpara ẹwà, ṣùgbọ́n ta ló ń wọn ohun tí wọ́n fi igi rò pọ̀ nínú abọ́? Á fi lọ́fínńdà sí i kó lè ta sánsán, á rọ ọ́ sínú ike tí kò ní àkọlé, kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Kò ní pè é ní bíbó láéláé. "Tónìn" ló máa pè é. Ẹ jẹ́ kó wí bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn yín.

Àmì aró yẹn kò bá oṣù kẹfà mu. Ó máa ń tó ọdún mélòó kan kí haidirokuinóònù tó dá irú rẹ̀ sí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bátí, níbi tí oòrùn ti ń pa ojú jù. Ẹ mú un fún àbúrò ìyá wọn kan tó ti ń para fún bí ọdún mẹ́wàá. Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé ẹni náà rò pé oòrùn ló dá a ṣú, á tún fi ìpara kún un kó lè mọ́, bẹ́ẹ̀ ìpara náà gan-an ló ń dá a sílẹ̀. Bó ṣe ń kún un ni yóò máa ṣú sí i, ìgbà púpọ̀ ni kì í sì í lọ mọ́.

Ti Àdùkẹ́, ọwọ́ ni kí Àbẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ rí. Oríkèé ìka ọwọ́ kì í gbà, nítorí awọ ibẹ̀ nípọn. Igbọnwọ́, orúnkún àti etí náà a máa ṣẹ́ kù bẹ́ẹ̀. Ojú á pupa, ìka á dúdú bí ìka ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sọ́dọ̀ aránṣọ. Nígbà tí wọ́n bá ń wọ aṣọ léèsì náà wò lára rẹ̀, kí Àbẹ̀kẹ́ rí iṣan tó yọ lábẹ́ awọ àyà, àti ìlà gbọọrọ bí ẹni pé èékánná ya á lábíyá. Kí síìpù fara kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kí ibẹ̀ sì bó, ohun tí kò yẹ kó ṣe ju kó ha awọ lásán lọ. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ mọ ìyẹn dáadáa. Awọ tó ti fẹ́lẹ́ kì í di okùn tí wọ́n fi rán an mú, ojú egbò rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jiná.

Ọmọ Ajílété:

Ẹ kú àlàyé o. Èmi náà ní làpálàpá kan lẹ́yìn ọrùn. Ìpara tùúbù tí mo rà, ó kọ́kọ́ dá yíyún rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ó ti wá tàn dé èjìká. Ṣé kí n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́? Ẹ sì gbé Àdùkẹ́ yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà kíá, ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré.

Apòògùn Apákẹ:

Àdùkẹ́ kì í ṣe èèyàn gidi, inú ìtàn ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ mú tùúbù náà dání. Bí irú kilobẹ́tásọ́ọ̀lù bá wà nínú rẹ̀, ó lè dá yíyún dúró kó sì jẹ́ kí kòkòrò rẹ̀ ráyè tàn, títí kò fi ní rí bíi làpálàpá mọ́. Ẹ má fi kún un.

Akọ̀tàn Tákìé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbé àmì aró lọ fún àbúrò ìyá wọn. Ìparí ìtàn wá ńkọ́?

Apòògùn Apákẹ:

Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bí Àdùkẹ́ bá da ìpara nù lónìí tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan á dàrú kó tó dáa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí bí ọ̀sẹ̀ méjì, ojú rẹ̀ á máa ta bí ẹni tí ata ta sí, á wú, á yún, kókó wẹ́wẹ́ á sọ. Ọyẹ́ oṣù kejìlá á tún wá fẹ́ sí i. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ máa ń sáré padà síbi ìpara, torí wọ́n rò pé àìpara ló fà á. Bí ó bá tún kùn ún, á rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àdánwò ìtàn yín nìyẹn: ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù, ike náà wà lórí tábìlì.

Ewu kan wà tí ojú kì í rí. Ara fúnra rẹ̀ a máa pèsè irú èròjà tó wà nínú kilobẹ́tásọ́ọ̀lù. Bí ti ìta bá ń wọlé láti orí dé ẹsẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, ti inú lè sùn lọ. Bí wọ́n bá wá já ti ìta gbà lójijì, òòyì lè máa kọ́ ẹni náà, kó máa bì, kó ṣubú lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fún un ní èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Oṣù mélòó kan ni àwọ̀ fi ń padà, kì í sì í bọ̀ sípò lọ́gbọọgba. Ìlà abíyá yẹn kò ní parẹ́.

Olùkọ́ Èdè:

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ Ìyá Alágbo ṣe díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Yorùbá ń yin pupa náà. Kí ni apọ́nbéporẹ́ bí kì í bá ṣe ẹni tó pọ́n bí epo? Àwọ̀ tí èèyàn bá bá wáyé ni wọ́n ń yìn, adúmáadán níhìn-ín, apọ́nbéporẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ó dú, ó sì ń dán. Dídán yẹn, òrí àti àdí ló ń mú un wá, awọ tó pé ló sì ń gbà á.

Wọ́n sì ń sọ ìyàwó di pupa tẹ́lẹ̀, òsùn ni wọ́n ń fi ṣe é. Wọ́n á lọ igi òsùn kúnná, wọ́n á fi pa á lára. Á pupa lóòótọ́, á bá aṣọ lọ, á kan orí ẹní. Lẹ́yìn náà, ó wẹ̀ ẹ́ nù, awọ tirẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ṣì wà láyé nínú ìtàn yín, ẹ jẹ́ kí òsùn gbígbẹ wà nínú àwo kékeré kan ní yàrá rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Kí ó kàn bu omi sí i, kí ó ní, "Àdùkẹ́ mi, na ọwọ́ rẹ wá."

Ará Pẹ́kámù:

Ẹ má kọ Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni pé kò sí ìpara níbẹ̀. Láìsí ìwé dókítà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta haidirokuinóònù ní Bìrìtéènì, síbẹ̀ wọ́n ti bá a ní ṣọ́ọ̀bù ní Pẹ́kámù, wọ́n sì ti gbé àwọn tó ń tà á lọ sí kóòtù. Àbẹ̀kẹ́ á ti rí i níbẹ̀. Ohun tó máa yà á lẹ́nu ni pé ilé tí wọ́n ti ń kì í fún dúdú rẹ̀ ni wọ́n ti wá ń ṣàánú rẹ̀.

Ìyá Alágbo:

Mo gbà ti ọsàn wẹ́wẹ́, mo sì gbà ti apọ́nbéporẹ́. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí ìyá àgbà má sọ̀rọ̀. Ìyá tó ń kì ọmọ rẹ̀ láràárọ̀ kò ní dákẹ́ lójú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Èdè:

Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó kì í. Kí ó má bá a wí.

Akọ̀tàn Tákìé:

Mo ti fa ìparí àkọ́kọ́ ya. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù, ojú Àdùkẹ́ wú, Àbẹ̀kẹ́ sì ti bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìpara tí dókítà fún un wà lórí tábìlì, ike aláìlákọlé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá àgbà ń po òsùn. Ẹ̀gbọ́n apòògùn, ṣé wọ́n lè fi òsùn kan ojú tó wú bẹ́ẹ̀?

Apòògùn Apákẹ:

Rárá o, ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ kan ojú yẹn ju ohun tí dókítà fún un lọ, àtíkè àti tìróò náà kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹsẹ̀ nìkan ni kí ìyá àgbà fi òsùn pa, kó sì jẹ́ ibi tí kò sí egbò.